Ìwé àṣírí òṣìṣẹ́ àti ìwé àṣírí agbaṣẹ́ṣe: èwo ni kí ilé iṣẹ́ gàrí yín lò?

Bí ẹ bá ní ilé iṣẹ́ gàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Àgó-Ìwòyè, tí ẹ ti kúrò ní títà á nínú kọ́ńgò, tí ẹ ń dì í sínú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹnìkan á ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yín fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní tú àṣírí yín síta. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ á gba ìwé kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, á pa orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ́, á fi tirẹ̀ sí i, á sì tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jọ bí ìwé ìpè ìnáwó. Adíngàrí á fọwọ́ sí i, awakọ̀ á fọwọ́ sí i, wẹ́dà tó rọ ẹ̀rọ náà á fọwọ́ sí i. Ìwé kan náà ni fún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ìwé náà kì í lè mú ẹnikẹ́ni nínú wọn dáadáa.

Òótọ́ ni pé ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni ìwé òṣìṣẹ́ àti ìwé agbaṣẹ́ṣe ń dáhùn: kí ni àṣírí, ta ni wọ́n lè sọ ọ́ fún, ìgbà wo sì ni ìdè náà máa tú. Àmọ́ ìdáhùn wọn ò lè jọra, torí pé òfin ti bá yín de òṣìṣẹ́ dé ìwọ̀n kan kí ẹ tó mú bírò. Agbaṣẹ́ṣe ní tirẹ̀, ìwé yín ló máa ru gbogbo ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì máa tẹ̀ lé e lọ. Ìyá kan ló ni ín, Ìyá Alágàárí la ó máa pè é. Ó ní obìnrin mẹ́jọ tó ń bó ẹ̀gẹ́, tó ń jọ̀ ọ́, tó sì ń dín gàrí. Ó ní máníjà ọjà kan tó mọ gbogbo oníbàárà láti Ìjẹ̀bú dé Ìkẹjà. Ó ní wẹ́dà kan ní Ṣágámù tó rọ ẹ̀rọ ìdíngàrí fún un. Ó tún ní ọmọkùnrin kan ní Ìpẹru tó ń bá a polówó lórí Instagram, tó sì ń dáhùn àwọn tó ń ránṣẹ́ wá ra gàrí lórí Wasáàpù. Gàrí tó ń gbé orúkọ rẹ̀ ga ni gàrí alágbọn: gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti po àgbọn gbígbẹ, ẹ̀pà lílọ̀ àti mílíìkì mọ́, tí èèyàn kàn máa bu omi tútù sí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ mọ ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹni tó jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, torí orúkọ tí ẹ kọ sórí ìwé kọ́ ni kóòtù máa wò. Bí ọmọ Ìpẹru yẹn bá ń wá lójoojúmọ́ láago mẹ́jọ, tó jẹ́ fóònù yín ló ń lò, tó ń gba owó oṣù, tí kò sì lè bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ ni, bí ẹ tilẹ̀ pè é ní agbaṣẹ́ṣe. Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣe é látilé, tó ní oníbàárà mìíràn, tó ń gba owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, agbaṣẹ́ṣe ni. Ní ti Ìyá Alágàárí, agbaṣẹ́ṣe ni ọmọ Ìpẹru àti wẹ́dà. Máníjà àti àwọn obìnrin mẹ́jọ sì ni òṣìṣẹ́. Ibi tí ẹjọ́ á tilẹ̀ lọ yàtọ̀: ẹjọ́ iṣẹ́ láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, Kóòtù Ilé Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè ló ni ín, ti agbaṣẹ́ṣe sì máa ń gba Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ lọ.

Ohun tí òfin ti ṣe kí ìwé tó dé

Ní Nàìjíríà, a ò ní òfin kan ṣoṣo tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe lórí àṣírí òwò. Àdéhùn tí èèyàn méjì bá fọwọ́ sí la fi ń ṣe é, pẹ̀lú ìlànà tí àwọn kóòtù jogún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà yẹn sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣòótọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Máníjà tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ yín tó sì ń fi orúkọ oníbàárà yín ránṣẹ́ sí ẹlòmíì lábẹ́lẹ̀ ti rú òfin, ìwé wà o, ìwé ò sí o.

Ọjọ́ tó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ mọ̀. Ilé iṣẹ́ Faccenda Chicken ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọkọ̀ gbé adìẹ tútù kiri àdúgbò. Máníjà ọjà wọn, Fowler, ló gbé ètò ọkọ̀ náà kalẹ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, ó kúrò, ó ra ọkọ̀ tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta adìẹ ládùúgbò kan náà, àwọn kan lára òṣìṣẹ́ wọn sì bá a lọ. Ilé iṣẹ́ náà gbé e lọ sí kóòtù pé ó ń lo orúkọ oníbàárà àwọn, ọ̀nà tí ọkọ̀ àwọn ń gbà, àti iye tí àwọn ń tà fún oníkálukú. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Fowler ò jẹ̀bi. Kò sí ohunkóhun nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ tó dí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá lọ, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti di ohun tó wà lórí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà. Kóòtù ní àṣírí gidi, irú bí òṣùwọ̀n ìpò tí ẹlòmíì ò mọ̀, nìkan ni òfin ń bá ọ̀gá dáàbò bò lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ti lọ.

Kóòtù wa kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí i, àwọn adájọ́ sì máa ń gbé e yẹ̀ wò. Ẹ fi adìẹ sílẹ̀, ẹ fi gàrí sí i: òṣùwọ̀n gàrí alágbọn ni òfin á bá Ìyá Alágàárí dì mú. Orúkọ oníbàárà àti iye owó tó wà lórí máníjà á bá máníjà lọ, àfi bí ìwé bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìwé òṣìṣẹ́ wà, lẹ́yìn ìlọkúrò. Ìwé tó kún fún "nígbà tí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, o ò gbọdọ̀" ń tún ohun tí òfin ti ṣe ṣe ni.

Ti wẹ́dà yàtọ̀. Kò jẹ yín ní ìṣòótọ́ òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó rọ ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ gàrí mẹ́wàá bó bá rí wọn. Bí kò bá sí ìwé, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí ohun mẹ́ta hàn, bí ẹjọ́ Coco àti Clark ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968 ṣe là á sílẹ̀: pé ohun náà jẹ́ àṣírí ní tòótọ́, pé bí ẹ ṣe fi hàn án mú kó yé e pé kò gbọdọ̀ jáde, àti pé ó lò ó láìgba àṣẹ yín. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ fi àwòrán hàn án níbi tí ẹ jókòó sí ní ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ń mu ohun tútù, ẹ ò sọ nǹkan kan. Kí ló máa fi mọ̀ pé àṣírí ni?

| Ohun tí à ń wò | Òṣìṣẹ́ | Agbaṣẹ́ṣe |
|---|---|---|
| Bí kò bá sí ìwé | Òfin dè é lẹ́nu iṣẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ tú tó bá lọ | Díẹ̀ ló dè é, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rí |
| Ibi tí àdéhùn máa wà | Abala kan nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ | Ìwé ọ̀tọ̀, kó tó rí ohunkóhun |
| Ohun tó jẹ́ àṣírí | Ohun tó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ipò rẹ̀ | Iṣẹ́ kan pàtó tó gbà |
| Ẹni tó lè sọ fún | Ìjọba, kóòtù, lọ́yà rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ | Ìjọba, kóòtù, lọ́yà rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí ìwé dárúkọ |
| Bó ṣe máa pẹ́ tó | Kúkúrú fún iye owó, gígùn fún òṣùwọ̀n | Ọdún tí a kọ, láti ọjọ́ tí iṣẹ́ parí |

Ìdí tí mo fi ní kí ti òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni pé òfin iṣẹ́ ti sọ pé ó pẹ́ tán, kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ máa kọ ìwé náà lọ́nàkọnà, ẹ fi abala àṣírí sí i.

Kí ni àṣírí gan-an?

Ibí ni ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ó máa ń sọ pé "gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ilé iṣẹ́ yìí" ni àṣírí. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá jẹ́ àṣírí, adájọ́ ò ní mọ èyí tó yẹ kó dáàbò bò, òṣìṣẹ́ náà ò sì ní mọ èyí tó yẹ kó ṣọ́.

Ẹ wo gàrí Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀. À ń lọ ẹ̀gẹ́, à ń dì í sápò, à ń jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, à ń fún omi rẹ̀ dà nù, à ń jọ̀ ọ́, à ń dín in títí á fi gbẹ táútáú. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú? Bí ẹ bá kọ ọ́ síwèé pé "iye ọjọ́ tí à ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan" jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́, lọ́yà ẹni kejì máa pe ìyá arúgbó kan wá jẹ́rìí, ẹ̀rín á sì sọ nínú kóòtù. Ewu rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ, torí pé ohun tí kì í ṣe àṣírí tó wọ inú àtòkọ yín á mú kí wọ́n máa fura sí èyí tó jẹ́ àṣírí lóòótọ́.

Ohun mẹ́ta ló wà ní ilé iṣẹ́ Ìyá Alágàárí tó tó nǹkan. Àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n gàrí alágbọn: ìwọ̀n àgbọn, ẹ̀pà àti mílíìkì sí ìwọ̀n gàrí kan, àti bí wọ́n ṣe ń yan àgbọn náà kó má baà ṣá. Ìkejì ni ìwé oníbàárà: ṣọ́ọ̀bù wo ń ra mélòó, iye wo la ń tà fún un, ọjọ́ mélòó la fún un láti sanwó. Ìkẹta ni àwòrán ẹ̀rọ ìdíngàrí.

Nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ máníjà, mo máa kọ ọ́ báyìí:

"Àṣírí nínú ìwé yìí ni: (a) àkọsílẹ̀ oníbàárà tó wà nínú fóònù àti ìwé ilé iṣẹ́, pẹ̀lú iye tí à ń tà fún oníkálukú àti ọjọ́ ìsanwó rẹ̀, (b) òṣùwọ̀n gàrí alágbọn, (d) iye tí à ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ará ìta mọ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ ti mọ̀ kó tó wọṣẹ́, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, àti iṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ níbí kò sí lára rẹ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń jẹ́ kí ìwé náà ṣe é gbà ní kóòtù. Ẹ má yọ ọ́ kúrò.

Ní ti àwọn obìnrin mẹ́jọ, mẹ́fà nínú wọn ò nílò ìwé àṣírí kankan. Bíbó àti dídín ni tiwọn. Àwọn méjì tó ń wọ yàrá ìpòpọ̀ nìkan ló yẹ kó fọwọ́ sí ìlà kan lórí òṣùwọ̀n. Kódà, ọ̀nà tó dára ju ìwé lọ ni pé kí Ìyá Alágàárí fúnra rẹ̀ wọn ẹ̀pà àti mílíìkì sínú ọ̀rá, kí ó lẹ ẹ́, kí àwọn tó ń pò ó máa tú ọ̀rá kan sí agbada kan láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kóòtù máa bi yín bí ẹ ṣe ṣọ́ ohun tí ẹ pè ní àṣírí. Bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ òṣùwọ̀n náà sára ògiri tí àlejò ń wò, ìwé mẹ́wàá ò lè sọ ọ́ di àṣírí mọ́.

Ìwé wẹ́dà kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú ojú nǹkan: "Àṣírí ni àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ìwé yìí: àlàfo àárín abẹ́ tó ń ro gàrí, bí abẹ́ náà ṣe tẹ̀, àti ibi tí ooru ti ń wọ abẹ́ agbada. Wẹ́dà lè rọ ẹ̀rọ ìdíngàrí fún ẹnikẹ́ni; kò gbọdọ̀ fi àwòrán yìí rọ ọ́." Ẹ lẹ àwòrán náà mọ́ ìwé lóòótọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí orí rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́.

Ọ̀ràn kan wà tó máa ń bá ìwé wẹ́dà rìn. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń lọ:

"Màmá, ẹ má bínú o, èmi kúkú ni mo ronú bí abẹ́ yẹn ṣe tẹ̀."

"O ronú ẹ̀ lóòótọ́, ṣé kì í ṣe èmi ni mo sanwó?"

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní ibi tó dúró sí. Ìwé àṣírí ń de ẹnu àti ọwọ́ lórí ohun tó jẹ́ tiyín. Kì í sọ ohun ẹlòmíì di tiyín. Bí ọpọlọ wẹ́dà bá ti wọ inú ẹ̀rọ náà, ẹ nílò ìlà mìíràn tó sọ pé ohun tó bá ronú kàn lórí iṣẹ́ yìí, tí ẹ ti sanwó rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ni. Ẹ bá a dúnàádúrà lé e kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀ lè gbéra díẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ta ni wọ́n lè sọ ọ́ fún?

Ìwé tó bá sọ pé "fún ẹnikẹ́ni rárá" ń wá ẹjọ́. Bí òṣìṣẹ́ NAFDAC bá dé tó bi àwọn obìnrin ibi ìpòpọ̀ léèrè ohun tó wà nínú gàrí alágbọn, wọ́n gbọ́dọ̀ lè dáhùn. Bí kóòtù bá pàṣẹ kí máníjà mú ìwé wá, á mú un wá. Òfin kì í sì í bá ẹnikẹ́ni bo ìwà àìdáa mọ́lẹ̀: òṣìṣẹ́ tó lọ sọ fún àwọn tó ń ṣàkóso oúnjẹ pé ẹ ń po mílíìkì tó ti kọjá ọjọ́ kò rú àdéhùn, ohun yòówù kí ìwé sọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, ìwé yín á lágbára sí i.

Fún òṣìṣẹ́, ẹ yọ owó oṣù rẹ̀ kúrò lára àṣírí. Mo ti rí ìwé tó ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ sọ owó tó ń gbà fún ẹnikẹ́ni. Òfin iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀gá fi ṣe àdéhùn pé òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsọ owó oṣù?

Ìṣòro ti agbaṣẹ́ṣe jẹ́ ọ̀tọ̀: ìjọba kọ́ ló ń gbé àṣírí yín jáde, ọmọ iṣẹ́ ni. Wẹ́dà ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn á gba òmìnira lọ́dún tó ń bọ̀, á ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa rọ̀ sì ni ẹ̀rọ yín, torí òun ló mọ̀ jù. Kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ìwé wẹ́dà fi gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, kó sọ pé wẹ́dà máa jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìlérí kan náà kí wọ́n tó rí àwòrán, àti pé bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá tú u síta, ọwọ́ wẹ́dà ni ẹ ti máa béèrè. Ẹ tún kọ ọ́ pé ibi tí ẹni tó ń kọjá lójú títì ò ti lè yà á ní fọ́tò ni wọ́n máa ti rọ abẹ́ yẹn.

Ọmọ Ìpẹru ló yẹ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ó fẹ́ràn láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí Instagram tirẹ̀ kó lè rí iṣẹ́ mìíràn gbà. Kò sí aburú níbẹ̀, àfi pé fídíò tó gbé jáde lè ní pátákó iye owó lẹ́yìn, tàbí kó ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ hàn gedegbe. Ìwé tirẹ̀ á sọ pé ó lè sọ pé òun ń bá yín ṣiṣẹ́, ó lè fi ohun tó ti jáde lójú ìwé yín hàn. Ohun tó wá láti inú Wasáàpù ò gbọdọ̀ jáde, bó ti wù kó kéré mọ.

Nọ́ńbà àti àdírẹ́sì oníbàárà kì í tilẹ̀ í ṣe àṣírí yín nìkan. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà tọdún 2023, àwọn oníbàárà fúnra wọn ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Òfin náà fẹ́ kí ìwé wà láàárín yín àti ẹni tó ń bá yín mójú tó irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Bó bá tú síta lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ẹ ò lè ṣe ìyẹn bí ọmọ Ìpẹru bá sọnù pẹ̀lú fóònù tí wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ọ́ pé láàárín wákàtí 24 ló gbọ́dọ̀ pè yín.

Bó ṣe máa pẹ́ tó

Ọ̀pọ̀ ń kọ "ọdún márùn-ún" nítorí pé ó dún dáadáa létí. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí àṣírí kọ̀ọ̀kan ṣe tètè ń gbó sí. Iye tí à ń ra ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ yí padà. Ti ọdún tó kọjá ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Fún iye owó àti ọjọ́ ìsanwó oníbàárà, oṣù méjìlá lẹ́yìn ìlọkúrò máníjà tó, mo sì gbà pé oṣù mẹ́fà gan-an ò burú.

Òṣùwọ̀n gàrí alágbọn ò ń gbó. Bí ẹ bá kọ ọdún mẹ́ta sí i, ẹ ti fún máníjà ní ọjọ́ tó lè jí láàárọ̀ kó sì máa tà á. Kí ìwé sọ pé ìdè náà wà títí òṣùwọ̀n náà á fi di ohun tí ará ìta mọ̀, láìjẹ́ pé òun ló tú u. Àwòrán ẹ̀rọ wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ náà lè tú u kó wò ó, torí náà bí Ìyá Alágàárí bá ní i lọ́kàn láti máa tà á, àṣírí rẹ̀ parí lọ́jọ́ tó bá ta àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń lò ó, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún láti ọjọ́ tí wẹ́dà gbé e wá bójú mu. Nọ́ńbà oníbàárà ò ní ọdún rárá: ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni kí ọmọ Ìpẹru pa á rẹ́.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ìwé tó ní máníjà ò gbọdọ̀ ta gàrí fún ẹlòmíì. Ọ̀kan ń de ẹnu, èkejì ń de oúnjẹ òòjọ́. Kóòtù ò fẹ́ràn èkejì, àfi bó bá mọ níwọ̀n, òfin ìdíje tọdún 2018 sì fi ọdún méjì ṣe gbèdéke rẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Faccenda, mo máa fi ìlà kékeré kan sí ti máníjà: fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ lọ bá àwọn ṣọ́ọ̀bù tí òun fúnra rẹ̀ ń bójú tó láti ta irú gàrí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó rọrùn láti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ju pé "ó ń lo ohun tó wà lórí rẹ̀" lọ. Wẹ́dà ò nílò irú ìlà yẹn, ẹ má sì fi sí i.

Fífọwọ́ sí i

Òṣìṣẹ́ tuntun ń gba iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó rí gbà fún ìlérí rẹ̀. Àmọ́ máníjà tó ti wà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́rin, tí ẹ déédéé gbé ìwé fún lónìí, kí ló rí gbà? Òfin àdéhùn ń wá nǹkan kan ní ìpààrọ̀. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ àfikún owó oṣù tàbí ìgbéga, kí ìwé sì sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ìyẹn, kí lọ́yà ṣe é ní ìwé àdéhùn tó ní èdìdì.

Bí ẹni tó ń fọwọ́ sí i ò bá mọ̀wé, ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ kà á, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹni náà tó tẹ̀ka. Kí akọ̀wé náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i pẹ̀lú. Bí ẹ bá fò ó, ìwé tí ẹ mú lọ kóòtù lè má mú obìnrin ibi ìpòpọ̀ yẹn rárá.

Ní ti owó ìtanràn, mo ti rí ìwé tó ní adíngàrí tó bá sọ̀rọ̀ máa san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ₦70,000. Kóòtù kì í bá ọ̀gá gba owó tó kàn jẹ́ ìdẹ́rùbà; iye tó bá jọ àdánù tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n ń gbà. Òfin iṣẹ́ tún sọ pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ gé owó ìtanràn lára owó oṣù. Nínú ìwé wẹ́dà, ẹ lè fi iye kan sí i tó sún mọ́ owó tí ẹ máa ná láti ṣe ẹ̀rọ mìíràn. Nínú ìwé òṣìṣẹ́, ẹ fi owó sílẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ lè ní kí kóòtù pàṣẹ kó dáwọ́ dúró.

Ohun tó kù ni fóònù. Bí máníjà bá ń fi síìmù ara rẹ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó bá lọ, nọ́ńbà tí ìlú mọ̀ á bá a lọ, ìwé yín á sì máa bá òfo jà. Kí síìmù tí wọ́n fi ń tajà wà lórúkọ ilé iṣẹ́, kí ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà Instagram wà lọ́wọ́ Ìyá Alágàárí. Lọ́jọ́ ìkẹyìn máníjà, kí wọ́n jókòó pọ̀, kó dá síìmù padà, kó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù oníbàárà, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tó sọ ohun tó dá padà àti ohun tó pa rẹ́. Ẹ̀dà kan fún un, ẹ̀dà kan fún ilé iṣẹ́.